Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Fojú Rí Dúkìá Ilé-iṣẹ́, Tí A sì Ń Tún Ìdínkù Iye Rẹ̀ Ṣírò

Àwọn tó ń tọ́jú ìwé owó fún ilé búrẹ́dì, ilé omi inú ọ̀rá àti ilé ìtẹ̀wé ní Òṣogbo la kọ èyí fún, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọ́fíìsì tí ọ̀gá ọ́dítọ̀ ń rán lọ wo ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ kan la ó máa tẹ̀ lé: ilé búrẹ́dì kan ní Òkè-Báálẹ̀, tí ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2024. Àwa la ṣètò àpẹẹrẹ náà. Ẹ má wá ilé-iṣẹ́ náà kiri.

Kí ni ọ́dítọ̀ ń wá gan-an tó fi ní àfi kí òun fojú òun rí ẹ̀rọ?

Ohun méjì ló ń wá, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni pé, ṣé ẹ̀rọ tí ìwé ní ó wà, ó wà lóòótọ́ ní ọjọ́ tí ọdún parí? Èkejì ni pé, ṣé iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ tọ́? Ojú máa ń dáhùn ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti èkejì, ìdajì lojú lè dáhùn: ó lè rí i pé ẹ̀rọ ti dípẹtà, ó lè rí i pé wọn kò lò ó mọ́, àmọ́ kò lè rí owó tí wọ́n fi rà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá lọ wo ẹ̀rọ tán gbọ́dọ̀ padà wá jókòó ti ìṣirò.

Ohun kẹta wà tí ojú kò lè dáhùn rárá, ìyẹn ni ta ló ni ín. A ó dé orí ìyẹn.

Kí ni kí n ṣe kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì?

Ẹ gba rẹ́jísítà dúkìá, ìyẹn ìwé tó to gbogbo ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ilé lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ro ó pọ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ wá fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ohun tó wà nínú lẹ́jà. Ẹ má gba àpapọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbọ́. Bí rẹ́jísítà bá ní ₦41,300,000 tí lẹ́jà sì ní ₦42,150,000, ₦850,000 ló wà láàárín, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà kí ẹ tó mú ohunkóhun lọ wò. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti ta nǹkan kan, akọ̀wé sì ti fi gègé pa á rẹ́ nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́jà. Nígbà míì, owó àtúnṣe ni wọ́n gbé sí àyè dúkìá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó yan àwọn tí ẹ máa lọ wò. Ẹ mú gbogbo àwọn tí owó wọn wúwo, ẹ mú gbogbo èyí tí wọ́n rà lọ́dún yìí, kí ẹ sì ṣa díẹ̀ nínú àwọn tó ṣeé gbé nílẹ̀, bíi kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ ìdíwọ̀n. Àwọn wọ̀nyẹn ló máa ń ní ẹsẹ̀ lóru.

Ṣé láti inú ìwé ni a ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ, àbí láti ìdí ẹ̀rọ ni a ti ń bọ̀ wá sínú ìwé?

Ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ẹ ń rìn. Bí ẹ bá mú orúkọ láti inú rẹ́jísítà, tí ẹ lọ wá ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò ni bóyá ohun tí wọ́n kọ wà. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ nílẹ̀, tí ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò ni bóyá ohun tó wà ni wọ́n kọ pé. Ẹni tó bá wọ ilé búrẹ́dì, tó ń kọ gbogbo ohun tó rí, tó sì rí wọn nínú rẹ́jísítà, kò tíì ṣe nǹkan kan nípa ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn sì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi wú iye dúkìá.

Kí ni kí n wò lára jẹnẹrétọ̀?

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí jẹnẹrétọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rọ tó wọ́n jù. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ kò sí ilé búrẹ́dì tó lè fọkàn tán iná ìjọba dé òwúrọ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ́jísítà tiwa ni jẹnẹrétọ̀ 60 kVA kan, ọjọ́ ìrà 12 oṣù Karùn-ún 2022, owó ₦9,000,000. Bí ẹ bá dé ìdí rẹ̀, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wá pélébé irin tí wọ́n kan mọ́ ọn lára. Ó sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ: ti odindi jẹnẹrétọ̀, ti ẹ́ńjìnnì, àti ti apá tó ń mú iná jáde. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí wọn. Ti odindi ló yẹ kó bá ínfọ́ọ̀sì mu, ṣùgbọ́n ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé ti ẹ́ńjìnnì ni ẹni tó kọ ínfọ́ọ̀sì kọ. Ẹ ya pélébé náà ní fọ́tò, kí ẹ sì tún ya fọ́tò kan láti ọ̀nà jíjìn tí yóò fi ibi tí ẹ̀rọ wà hàn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kan pélébé náà mọ́ ọn. Ìṣó tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fi kàn án kì í sábà ṣeé tú láìbà á jẹ́. Bí ẹ bá rí ìṣó oníyíyí tuntun lára ẹ̀rọ tó ti gbó, tàbí ọ̀dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ yí ẹsẹ̀ pélébé ká, ẹ béèrè. Ó lè jẹ́ àtúnṣe gidi, ó sì lè jẹ́ pé pélébé ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n gbé wá síbẹ̀.

Bí ilé búrẹ́dì bá ní ẹ̀ka méjì, bíi ọ̀kan ní Òkè-Báálẹ̀ àti ọ̀kan ní Iléṣà, ẹ lọ wo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ méjì, ọkọ̀ akóẹrù kan lè gbé jẹnẹrétọ̀ kan náà lọ pàdé yín. Bí ẹ kò bá lè lọ lọ́jọ́ kan náà, nọ́ńbà orí pélébé ni yóò gbà yín.

Mítà tó ń ka wákàtí wà lára rẹ̀. Ṣé ó wúlò fún ọ́dítọ̀?

Ó wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí òun ni afárá láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ìṣirò máa sọ. Ilé búrẹ́dì yìí ní òru mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni àwọn ń ṣiṣẹ́, wákàtí mẹ́jọ lóru kan. Wákàtí 48 nìyẹn lọ́sẹ̀, ó sún mọ́ 2,500 lọ́dún. Láti oṣù Keje 2022 tí wọ́n ti ń lò ó títí dé ìparí 2024 jẹ́ ọdún méjì àbọ̀, ó yẹ kí mítà wà nítòsí 6,250.

Bí ẹ bá bá 6,100 níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn gún. Bí ẹ bá bá 15,400, nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀: yálà tòkunbọ̀ ni wọ́n rà tí wọ́n sì kọ owó tuntun, tàbí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ọdún mẹ́jọ tí wọ́n sọ pé yóò lò kò fi ní ṣeé gbà mọ́. Bí ó bá jẹ́ 900 péré, ẹ wò ó bóyá mítà ti kú tàbí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ ìwé ríra dísù wò. Jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó báyìí lè jẹ nǹkan bíi lítà 10 ní wákàtí kan tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń lò ó ní 2,500 wákàtí yóò ra dísù tó sún mọ́ lítà 25,000 lọ́dún. Bí gbogbo rísíìtì dísù kò bá ju lítà 9,000 lọ, ẹnì kan kò sọ òótọ́, bóyá mítà ni, bóyá ọ̀gá ni.

Ìwé ínfọ́ọ̀sì sọ pé ₦8,400,000. Kí ló dé tí rẹ́jísítà fi kọ ₦9,000,000?

Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe dandan. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣirò IAS 16 ṣe là á sílẹ̀, gbogbo ohun tí a ná kí ẹ̀rọ tó dé àyè rẹ̀ tó sì lè ṣiṣẹ́ wà lára owó rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦8,400,000 ni ti ẹ̀rọ, ₦250,000 ni owó ọkọ̀ láti Èkó, ₦350,000 sì ni owó kọnkéré àti wáyà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000. Ẹ wo rísíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí ẹ óò máa ṣọ́ ni ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀: dísù àkọ́kún, owó ọ̀yà ìpààrọ̀ epo lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó ayẹyẹ ìṣílé. Ìnáwó ọdún ni ìwọ̀nyẹn.

Báwo ni kí n ṣe tún ìdínkù iye rẹ̀ ṣírò?

Ohun mẹ́rin ni ẹ nílò. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000. Iye tí wọ́n rò pé àwọn lè tà á lálòkù lópin ọdún ìlò rẹ̀ jẹ́ ₦1,000,000. Ọdún ìlò rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ìkẹrin ni ọjọ́ tó ti wà ní sẹpẹ́ fún iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n rà á, àmọ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje 2022 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní sẹpẹ́ láti mú iná jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdínkù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni pé iye kan náà ni kí a máa yọ lọ́dọọdún. Ẹ yọ ₦1,000,000 kúrò lára ₦9,000,000, ó ku ₦8,000,000. Ẹ pín in sí mẹ́jọ, ó jẹ́ ₦1,000,000 lọ́dún. Fún ọdún méjì àbọ̀, ₦2,500,000. Ohun tó yẹ kó kù nínú ìwé ní ìparí 2024 ni ₦6,500,000.

Ṣùgbọ́n ₦5,625,000 ni ilé-iṣẹ́ ní. Báwo ni kí n ṣe mọ ohun tó fà á?

Ẹ má kàn kọ pé ìyàtọ̀ jẹ́ ₦875,000 kí ẹ sì máa lọ. Ẹ tú u palẹ̀. Akọ̀wé gbàgbé iye àlòkù, ó pín odindi ₦9,000,000 sí mẹ́jọ, ó rí ₦1,125,000. Ó fi ₦125,000 lé ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún méjì àbọ̀ ìyẹn jẹ́ ₦312,500. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yọ odindi ọdún fún 2022 nígbà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà péré ni. Ìdajì ₦1,125,000 ni ₦562,500. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: ₦875,000. Nígbà tí àròpọ̀ bá bọ́ síra báyìí láìku kọ́bọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ti rí gbogbo ohun tó fà á.

Títú u palẹ̀ yìí ló ń sọ bí ìṣòro ṣe gbòòrò tó. Bí akọ̀wé bá gbàgbé iye àlòkù jẹnẹrétọ̀, ó ṣeé ṣe kó gbàgbé ti gbogbo dúkìá tó kù. Bó bá jẹ́ pé ọdún tí wọ́n ra nǹkan ló máa ń kà ní odindi, àfi kí ẹ wo gbogbo ohun tí wọ́n rà.

Ẹ tún pín in sí ọdún. Nínú ₦875,000, ₦125,000 péré ni ti 2024. ₦750,000 tó kù jẹ́ ti 2022 àti 2023. Bí ti àtẹ̀yìnwá bá tóbi débi pé ó lè ṣi ẹni tó ń ka ìwé lọ́nà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a ti ń tún un ṣe. A kì í rọ́ ọ sínú èrè ọdún yìí kí èrè lè dára.

Rẹ́jísítà ní igba ìlà. Ṣé ọwọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀?

Rárá. Excel lè ṣe é. Ẹ fi owó sí C, iye àlòkù sí D, ọdún ìlò sí E, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí F, ọjọ́ ìparí ọdún sí G:

```
=MIN(C2-D2,SLN(C2,D2,E2)*DATEDIF(F2,G2+1,"m")/12)
```

`MIN` wà níbẹ̀ kí ìdínkù má baà kọjá ohun tó ṣeé yọ. Ọ̀pọ̀ rẹ́jísítà ni a ti ń rí kọ̀ǹpútà tí iye rẹ̀ ti di òdì nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kí ìṣirò dúró.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, 01/07/2022 yóò di ọjọ́ 7 oṣù Kìíní. Dípò oṣù 30, yóò ka 35, jẹnẹrétọ̀ wa yóò sì bá ₦2,916,667 jáde. Kò ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ ṣe ìlà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bọ́ọ̀sì tó ń gbé búrẹ́dì ti lọ sí Ìkirun lọ́jọ́ tí a dé. Ṣé fọ́tò tó?

Èyí tó dára jù ni kí ẹ ní kó padà wá, tàbí kí ẹ tún wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi nọ́ńbà kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn ránṣẹ́ sí awakọ̀, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ṣásí, kó sì ya méjèèjì pọ̀. Fọ́tò àtijọ́ kò lè ní nọ́ńbà yín nínú. Síbẹ̀ kò lágbára tó fífojú rí i, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ yín. Nọ́ńbà ṣásí ni kí ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ iwájú ọkọ̀ kò tó, ó ṣeé tú.

Níti ìṣirò rẹ̀, ìlànà bọ́ọ̀sì yàtọ̀. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá kù ni wọ́n ní kí a máa yọ. Wọ́n rà á ní ₦6,000,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Lọ́dún àkọ́kọ́ a yọ ₦1,500,000, ó ku ₦4,500,000. Lọ́dún kejì a yọ ₦1,125,000, ó ku ₦3,375,000. Lọ́dún kẹta a yọ ₦843,750, ó ku ₦2,531,250. Bí ẹ bá bá ₦1,500,000 nínú ìwé, ẹ ti mọ̀: ₦1,500,000 ni wọ́n ń yọ lọ́dọọdún lórí owó ìrà, wọ́n sọ ohun kan nínú ìlànà, wọ́n ṣe òmíràn nínú lẹ́jà.

Ààrò náà wà, ó ń yan búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ipẹtà ti jẹ inú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ti rí i pé ó wà, ẹ fàmì sí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ iye rẹ̀ ló kù. Òfin ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ilé-iṣẹ́ tún ọdún ìlò àti iye àlòkù gbé yẹ̀ wò. Ká ní ₦12,000,000 ni ààrò, ọdún mẹ́wàá, kò ní iye àlòkù, wọ́n sì ti lò ó fún ọdún mẹ́rin kí 2024 tó bẹ̀rẹ̀. ₦7,200,000 ló kù. Bí ẹni tó ń tún ààrò ṣe bá sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 kò ní ju ọdún mẹ́rin mìíràn lọ, tí àwọn ọ̀gá sì gbà, ẹ pín ₦7,200,000 sí mẹ́rin: ₦1,800,000 lọ́dún dípò ₦1,200,000. Ẹ má padà lọ tún ti àtẹ̀yìnwá ṣe. Ìfojúbù tó yí padà ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀ òkè nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe.

Bí ààrò bá ti fọ́ pátápátá, fífi kún ìdínkù kò tó. Ẹ béèrè iye tó lè mú wọlé àti iye tí wọ́n lè tà á, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí ìyẹn bá kéré sí ohun tó wà nínú ìwé, ìyàtọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò.

Ẹ̀rọ ìpò-ìyẹ̀fun kan wà nílẹ̀ tí wọn kò lò látoṣù mẹ́fà. Ṣé ìdínkù rẹ̀ á dúró?

Kò ní dúró. Ìjókòó lásán kì í dá ìdínkù dúró, àfi tí ìlànà wọn bá jẹ́ ti ìwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe.

Fíríìjì ńlá ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí n kà á mọ́ ọn?

Ẹ béèrè ìwé rẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun mímu ló yá wọn. Ó wà, ojú rí i, ṣùgbọ́n tiwọn kọ́. Bí ẹ bá bá a nínú rẹ́jísítà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ilẹ̀ àti ilé ńkọ́?

Ilẹ̀ kì í ní ìdínkù, ilé a máa ní. Bí wọ́n bá rà wọ́n pọ̀, àfi kí wọ́n pín owó náà sí méjì. Ní ti ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ má dúró sórí fọ́tò C of O. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀dà tó mọ́ kedere kọ́ ni ẹ̀rí pé wọn kò tíì fi ilẹ̀ náà dúró ní báńkì.

Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025 ni a rí àyè lọ. Ọdún ti parí. Ṣé iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò bàjẹ́, ẹ ó kàn ṣẹ́rí padà. Gba ìwé gbogbo ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n tà láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 20. Èyí tí ẹ rí nílẹ̀ tó jẹ́ pé oṣù Kìíní ni wọ́n rà á, kò sí níbẹ̀ ní 31 oṣù Kejìlá, ẹ yọ ọ́. Èyí tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ nígbà náà, kò sì sí mọ́ nísinsìnyí. Ẹ wo ìwé títà rẹ̀ àti owó tó wọ báńkì. Iye tí wọ́n tà á gan-an wúlò fún ohun mìíràn: bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ ìgébúrẹ́dì ní ₦300,000 ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, tó sì jẹ́ pé ₦1,100,000 ni ìwé fi sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ẹ padà lọ wo ọdún ìlò tí wọ́n fún àwọn ẹ̀rọ tó jọ ọ́ tó ṣì wà nílẹ̀.